Bálánsì ṣíìtì ọdún 2009 tí ẹ̀rọ kà: ohun-ìní fi mílíọ̀nù márùn-ún ju ìhà kejì lọ

Abẹ́nì_Kóópù:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa n'Íbàdàn ń kó àwọn ìwé ìṣirò àtijọ́ sínú Excel. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni ti ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2009. Àwòrán ni wọ́n fi ẹ̀rọ yà sínú PDF, nítorí náà mo fi `tesseract` ka nọ́ńbà inú rẹ̀. Mo ro ohun-ìní pọ̀, ó jẹ́ 50,397,750. Mo ro gbèsè pọ̀ mọ́ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó jẹ́ 45,397,750. Ọ́dítọ̀ ti buwọ́ lu ìwé yìí láyé ìgbà náà. Ibo ni kí n wò? Ohun tí ẹ̀rọ kà nìyí. Èmi ni mo kọ orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, mo sì ti yọ òpó ọdún 2008 kúrò.

```
Ilé, ilẹ̀ àti ọkọ̀             2   18,460,000

Ẹ̀yáwó tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́     3   21,735,000
Ọjà inú sítọ́ọ̀                4    1,284,500
Owó ọwọ́ àti ti báńkì          5    8,918,250
Àròpọ̀                            26,937,750

Owó tí a jẹ àwọn oníṣòwò      6   12,316,400)
Èrè pínpín tí a kò tíì san    7     (845,600)
Àròpọ̀                            (3,162,000)

Ìyókù                            23,775,750
Àpapọ̀                            42,235,750
Ẹ̀yáwó báńkì ọlọ́jọ́ pípẹ́        8   (5,000,000)
Ohun-ìní lẹ́yìn gbogbo gbèsè      37,235,750

Owó ìpín                      9   12,400,000
Àjẹṣẹ́kù ọmọ ẹgbẹ́             10   19,650,000
Owó ìpamọ́ tí òfin ní kí a ní 11    3,12O,500
Èrè àkójọ                    12    2,065,250
Àròpọ̀                            37,235,750
```

Ṣèyí_Onísófútíwíà:

Àǹtí, ojú ni ẹ gbé fò ó. Iye tí ẹ̀yáwó báńkì jẹ́ gan-an ni ìyàtọ̀ tí ẹ rí, mílíọ̀nù márùn-ún géérégé. Tí ìyàtọ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ìlà kan nínú ìwé, ìlà yẹn ni wọ́n kò kà. Ẹ fi kún ìhà gbèsè, ó parí.

Abẹ́nì_Kóópù:

Mo ti kà á mọ́ ọn, Ṣèyí. Gbèsè ọdún kan 3,162,000, ẹ̀yáwó báńkì 5,000,000, owó ọmọ ẹgbẹ́ 37,235,750. Àròpọ̀ wọn ni 45,397,750 tí mo kọ sókè. Tí mo bá tún fi mílíọ̀nù márùn-ún kún un, ìhà méjèèjì á dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ka gbèsè kan ṣoṣo.

Ìyá_Ẹlẹ́pà_Dùgbẹ̀:

Èmi náà ní irú ìyọnu yìí o. Owó tó wà nínú ìwé mi àti owó tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù kì í bá ara wọn mu láé. Wọ́n ń yọ àádọ́ta náírà níbí, wọ́n ń yọ ọgọ́rùn-ún náírà lọ́hùn-ún. Ẹ pe báńkì yín, ọmọ mi, kí wọ́n ṣàlàyé ibi tí mílíọ̀nù márùn-ún wọlé sí. Ìyẹn kì í ṣe owó kékeré.

Abẹ́nì_Kóópù:

Ẹ ṣeun, màmá. Owó ò sọnù ní tèmi o. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà láti ara ìwé ni kò dọ́gba.

Bàbá_Ọ́dítọ̀:

Abẹ́nì, má tíì fọwọ́ kan gbèsè rárá. Kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe to ìwé náà. Báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń tò ó ní Nàìjíríà kí àwọn ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IFRS tó wọlé. Ọdún 2012 ni àwọn kọ́ńpánì tó wà lórí pátákó ọjà ìpín bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, àwọn kéékèèké tẹ̀ lé wọn títí di 2014. Nínú ìtò àtijọ́ yìí, wọ́n máa ń yọ gbèsè kúrò lára ohun-ìní lókè, wọn á sì fi ìyókù wé owó àwọn tó ni ín nísàlẹ̀. Nítorí náà, àpapọ̀ ohun-ìní kò sí lójú ìwé náà níbì kankan. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rí 42,235,750, yóò rò pé òun ni, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yọ gbèsè ọdún kan kúrò nínú ìyẹn.

Ìwọ fúnra rẹ ni wàá rò ó. Ṣùgbọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kọ̀ọ̀kan, lo àwọn àròpọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé. 18,460,000 àti 26,937,750 jẹ́ 45,397,750. Ṣé o rí i? Ohun tó wà ní ìhà kejì gan-an nìyẹn. Ìwé náà dọ́gba látilẹ̀ wá, ọ́dítọ̀ kò jẹ̀bi. Ìyàtọ̀ tìrẹ wọlé nítorí pé àwọn ìlà mẹ́ta tó wà lókè 26,937,750 ni o rò dípò àròpọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ wọn. Rò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá rí 31,937,750. Inú ìlà mẹ́ta yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ṣèyí_Onísófútíwíà:

Ó dáa, mo gbà. Ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí mẹ́sàn-án nígbà náà. Tó bá pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà méjì ti pààrọ̀ àyè. Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé ìwé.

Bàbá_Ọ́dítọ̀:

Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìka ènìyàn ni òfin yẹn ń ṣọ́. Akọ̀wé tó fẹ́ tẹ 54 tó tẹ 45 ni ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń pín sí mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán kì í sábà gbé nọ́ńbà méjì gba orí ara wọn. Ohun tó máa ń ṣe ni kó ṣi nọ́ńbà kan mú fún òmíràn tó jọ ọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á wá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí òdo tẹ̀ lé, bíi 5,000,000 yìí gan-an. Pín in sí mẹ́sàn-án wò, kò ní pín.

Ẹ jẹ́ ká wá a báyìí. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ márùn-ún ní ipò mílíọ̀nù, ohun tí ẹ̀rọ kà ló sì pọ̀ jù. Nítorí náà nọ́ńbà tó wà ní ipò mílíọ̀nù nínú ìlà tó ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ tó márùn-ún, kí a lè yọ márùn-ún kúrò lára rẹ̀. Ní 21,735,000, ení ló wà níbẹ̀. Ní 1,284,500, ení náà ni. Ní 8,918,250, ẹ̀jọ ni. Òun nìkan ló lè rí bẹ́ẹ̀. Yọ márùn-ún kúrò lára ẹ̀jọ, ó ku ẹ̀ta. Ẹ̀ta àti ẹ̀jọ sì ni ẹ̀rọ máa ń ṣì mú fún ara wọn jù, pàápàá tí yíǹkì bá tàn. Lọ wo àwòrán náà. Mo fura pé 3,918,250 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ni kó jẹ́rìí sí i. Má torí pé ìṣirò bá a mu kọ ọ́ sílẹ̀.

Abẹ́nì_Kóópù:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Mo fẹ̀ ẹ́ sí i lójú kọ̀ǹpútà. Òǹtẹ̀ pupa ti ọ́dítọ̀ gba orí ìlà yẹn kọjá, ìlà òǹtẹ̀ náà ló pa ẹnu ẹ̀ta dé ní apá òsì. 3,918,250 ni lóòótọ́.

Tìmí_Dátà:

Tó bá jẹ́ òǹtẹ̀ pupa ni, tí àwòrán náà sì ní àwọ̀, ẹ lè pa òǹtẹ̀ rẹ́ kí ẹ̀rọ tó kà á. Nínú ìpele pupa àwòrán, yíǹkì pupa máa ń funfun bíi ti ìwé, dúdú a sì dúró bó ṣe wà. Báyìí:

```
pdftoppm -r 300 -png iwe2009.pdf oju
convert oju-3.png -channel R -separate oju-R.png
tesseract oju-R.png abajade --psm 6
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò fi `-gray` sí ìlà àkọ́kọ́, torí tí àwọ̀ bá ti lọ, òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà á di dúdú kan náà. Tó bá jẹ́ òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró ni, ọ̀nà yìí kò ní ran yín lọ́wọ́.

Ẹ tún wo ìlà owó àwọn oníṣòwò. `12,316,400)` ni ẹ̀rọ kà. Àkámọ́ tó ṣí ló sọ di ení. Ẹ̀rí rẹ̀ ni àkámọ́ tó tì tí kò ní ẹnìkejì. Àròpọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ni ẹ lò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn nínú ìyàtọ̀ yín. Tó bá jẹ́ pé àwọn ìlà ni ẹ rò, gbèsè á fi mílíọ̀nù mẹ́wàá ga sí i, ẹ ò bá sì máa wá nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìjẹ̀bú_ní_Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ má fojú kékeré wo àkámọ́ o. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpánì sílẹ̀ máa ń gbé ìwé ìṣirò gbogbo kọ́ńpánì síta, àwòrán lásán sì ni èyí tí wọ́n bá fi bébà mú wá. Mo ń wo ti ṣọ́ọ̀bù kan tí mo fẹ́ rà. Ìṣirò mi kò dọ́gba, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 34,730 pọ́n-ùn. N kò rí ìlà kankan tó jẹ́ iye yẹn. Nígbà tí mo pín in sí méjì, ó jẹ́ 17,365, mo sì rí i nísàlẹ̀ ìwé: àdánù àkójọ ṣọ́ọ̀bù náà ni. Ẹ̀rọ ti gbé àkámọ́ méjèèjì jẹ, àdánù di èrè. Tí àmì àyọkúrò bá sọnù, ìlọ́po méjì iye yẹn ni ìyàtọ̀ máa ń jẹ́, torí ohun tó yẹ kí a yọ ni a fi kún un.

N kò ra ṣọ́ọ̀bù náà ṣá.

Abẹ́nì_Kóópù:

Mo ti tún ẹ̀ta ṣe, mo sì ti yọ ení tó wọlé dípò àkámọ́. Òkè dọ́gba báyìí. Ṣùgbọ́n mo ní kí Excel ro ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fún mi ní 34,115,250. Ìwé sọ pé 37,235,750. Ìyàtọ̀ jẹ́ 3,120,500, iye owó ìpamọ́ òfin gan-an. Mo sì rí i níbẹ̀, ó wà nínú àpótí rẹ̀.

Ṣèyí_Onísófútíwíà:

Ẹ ẹ̀ rí i báyìí? Òfin tí mo sọ láàárọ̀ ti bá ibi tó yẹ ẹ́ pàdé. Ìlà kan ni wọ́n kò kà.

Ẹ wo ohun tí ẹ lẹ̀ mọ́ òkè dáadáa. `3,12O,500` ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà O ni, kì í ṣe òdo. Lójú Excel, ọ̀rọ̀ ni àpótí yẹn, kì í ṣe iye, `SUM` a sì fò ó láìsọ nǹkan kan fún yín. Ẹ fi `=ISNUMBER(C17)` yẹ̀ ẹ́ wò, `FALSE` ló máa sọ. Ẹ máa wo bí ó ṣe jókòó nínú àpótí náà pẹ̀lú: iye máa ń fara ti apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ a fara ti apá òsì, àfi tí ẹnìkan bá ti yí i padà.

Tìmí_Dátà:

Lẹ́tà l dípò ení, S dípò márùn-ún, ojú kan náà ni. Àlàfo kan tó wọ àárín àkámọ́ àti nọ́ńbà náà lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó rò ó rárá, ẹ ka iye àpótí tó jẹ́ nọ́ńbà: `=COUNT(C15:C18)` yẹ kó sọ 4 fún yín. Tó bá sọ 3, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Mo sì máa ń fi ìlà àyẹ̀wò kan sí ẹ̀gbẹ́ àròpọ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìwé nìkan:

```
=SUM(C5:C7)-C8
```

Ibi tí kò bá ti jẹ́ òdo ni ẹ máa dúró. Tí ẹ bá dúró de ìparí kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe méjì lè ti jẹ ara wọn.

Bàbá_Ọ́dítọ̀:

Ibi tí Tìmí dé yẹn ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí mo ti rí ìwé tó dọ́gba bí ọjọ́ tó jẹ́ irọ́ látòkè délẹ̀.

Àkọ́kọ́, o ní o ti yọ òpó 2008 kúrò. Báwo lo ṣe yọ ọ́? Tí ẹ̀rọ bá ka ìlà kan tí iye ọdún kan nínú rẹ̀ kò hàn, ti ọdún kejì á sún wá síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlà kan péré, àyẹ̀wò á mú un. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ odindi òpó lo gbé, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba, torí bálánsì ṣíìtì 2008 náà dọ́gba láàyè ara rẹ̀. Ìgbà tí o bá mú èrè àkójọ 2009, tí o yọ èrè ọdún náà kúrò, tí o dá ohun tí wọ́n pín àti ohun tí wọ́n kó sínú owó ìpamọ́ padà sí i, tí o sì dé orí ti 2008, ìgbà yẹn lo mọ̀ pé ọdún tó yẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ.

Èkejì, owó àwọn oníṣòwò àti èrè pínpín. 2,316,400 àti 845,600 jẹ́ 3,162,000, ó pé. Ká ní ẹ̀rọ gbé nọ́ńbà kan sí iwájú orúkọ èkejì ńkọ́? Á ṣì pé. Ìdọ́gba kò mọ orúkọ, iye nìkan ló mọ̀. Àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé, nọ́ńbà 6 àti 7 tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, ló lè sọ èyí tó jẹ́ tani.

Ìjẹ̀bú_ní_Lọ́ńdọ̀nù:

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Àjẹṣẹ́kù ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ 19,650,000 yẹn, ṣé owó àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni lóòótọ́, àbí gbèsè? Tí ọmọ ẹgbẹ́ bá lè wá gba àjẹṣẹ́kù rẹ̀ lọ́la, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ jẹ ẹ́ lówó nìyẹn.

Bàbá_Ọ́dítọ̀:

Lójú tèmi, gbèsè ni. Láti ọdún 2004 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní IFRIC 2 ti wà lórí ìpín ọmọ ẹgbẹ́ ní irú àwọn ẹgbẹ́ báyìí. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ láìsí àwíjàre bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ní òun fẹ́ gba owó òun. Tó bá ní in, owó àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni. Tí kò bá ní in, tí òfin kankan kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti san án, gbèsè ni. Àjẹṣẹ́kù tí ènìyàn lè gbà nígbà tó bá wù ú kò ní ìjà nínú rárá.

Ìwé 2009 kò sì tẹ̀ lé e, ó tò ó mọ́ ìpín. Tí o bá gbé e lọ sí ìhà gbèsè, gbèsè á di 27,812,000, owó àwọn tó ni ẹgbẹ́ á di 17,585,750. Àpapọ̀ ṣì ni 45,397,750. Ìṣirò kò mì.

Ṣèyí_Onísófútíwíà:

Ẹ má bínú, bàbá, n kò fara mọ́ kí ó gbé e. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó da ohun tó wà nínú ìwé kọ, kì í ṣe kó tún un tò. Tó bá gbé e, ẹni tó bá fi Excel rẹ̀ wé PDF lọ́jọ́ iwájú á ní ó ṣi kà. Ìlú Ìbàdàn ni mo ti bá kóópù méjì ṣiṣẹ́, àjẹṣẹ́kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpín nínú ìwé méjèèjì.

Bàbá_Ọ́dítọ̀:

Kó da á kọ bó ṣe wà, kó wá fi òpó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìtò tuntun. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìwé yìí wọn iye gbèsè tó wà lọ́rùn ẹgbẹ́, òpó àkọ́kọ́ máa tàn án jẹ.

Ṣèyí_Onísófútíwíà:

Òpó méjì náà ni wàhálà. Ọdún mélòó ló máa ṣe é fún? Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Abẹ́nì_Kóópù:

Èmi á béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kí n tó ṣe òpó kejì. Ní ti ọdún, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò bí bàbá ṣe ní kí n ṣe. Èrè àkójọ 2009 padà sí ti 2008 láìku kọ́bọ̀, òpó tó yẹ ni mo mú.

Ìṣòro tó kù ni àlàyé 6 àti 7. Ojú ìwé tó yẹ kí wọ́n wà kò sí nínú PDF. Láti ojú ìwé 5 ló fò bọ́ sí 7, ẹni tó yàwòrán náà ti yí ewé méjì pọ̀.

Tìmí_Dátà:

Ẹ wo òpó 2009 nínú ìwé ti ọdún 2010 nígbà náà. Iye ọdún tó kọjá máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ti ọdún tuntun, àti nínú bálánsì ṣíìtì àti nínú àlàyé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kan rántí pé wọ́n lè ti tún iye náà ṣe láàárín ọdún méjèèjì.

Abẹ́nì_Kóópù:

Ti 2010 ni a kò rí rárá. Mo ti tú gbogbo àpótí tó wà ní sẹkitéríàtì.

Bàbá_Ọ́dítọ̀:

Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé gbogboogbò ọdún 2010 ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí èrè tí wọ́n fẹ́ pín, wọ́n sì máa ń kọ iye rẹ̀. Tí o bá rí 845,600 níbẹ̀, o ti mọ èyí tó jẹ́ èrè pínpín, ìyókù sì jẹ́ ti oníṣòwò.

Abẹ́nì_Kóópù:

Ilé ààrẹ àná ni ìyẹn wà, bàbá. Mo máa pè wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Títí di ìgbà náà, mo fi àwọ̀ òfeefèé kun ìlà méjèèjì, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn pé a kò tíì rí ẹ̀rí.